Ewì Tí Moyọ̀ Kà fún Bàbá Rẹ̀ ní Àádọ́rin Ọdún

Ẹ̀yin ọ̀rẹ́ mi, ẹ fara balẹ̀ kí n ròyìn ohun tó ṣẹlẹ̀ sí mi lóṣù tó kọjá. Olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì ni mí, èmi nìkan ni mo sì ń gbé ní Marzahn, ní Berlin. Lurup ní Hamburg ni bàbá Moyọ̀, ọmọ wa kan ṣoṣo, ń gbé. Ó ti pẹ́ tí ọ̀nà wa ti yà. Ẹ má béèrè ìdí!

Moyọ̀ wá bá mi láti Tempelhof, ní Berlin níbí kan náà, pẹ̀lú ewì tó fẹ́ kà níbi ọjọ́ ìbí àádọ́rin ọdún bàbá rẹ̀. Kìnnìún ni Dádì, òkun ni Dádì, ọba láàárín àwọn bàbá! Mo bi í pé, bí a bá yọ orúkọ bàbá rẹ̀, tí a fi ti Hausmeister, alábòójútó ilé yìí, síbẹ̀, ṣé kò ní bá a mu?

"Mọ́mì, ẹ tún ti mú bírò pupa!"

Àmọ́ ẹ̀rù ń bà á. Nígbà kan tí wọ́n pe bàbá rẹ̀ ní òpómúléró ní ṣọ́ọ̀ṣì, ńṣe ló dìde, ó lọ ń fọ abọ́. Ọ̀rọ̀ kì í pọ̀ láàárín àwọn méjèèjì. Moyọ̀ fẹ́ kí bàbá rẹ̀ jókòó gbọ́ òun lẹ́ẹ̀kan péré.

Mo ní kó sọ ohun tí bàbá rẹ̀ ṣe, kó má sọ ohun tó jẹ́. Ó ní bàbá òun kò wá sí Elternabend, ìpàdé àwọn òbí nílé ìwé, rí. Mo ní, kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ló tún ṣe? Ó ní bó bá ti ibi iṣẹ́ alẹ́ dé, á gbé bàtà òun sẹ́gbẹ̀ẹ́ Heizung, ẹ̀rọ tó ń mú ilé gbóná, kó tó lọ sùn.

Ewì dé nìyẹn! A kọ ọ́ báyìí:

Àga yín ṣófo láàárín àga àwọn òbí.
Àmọ́ láàárọ̀ òtútù, mo ki ẹsẹ̀ bọ bàtà,
ó ti gbóná.
Ẹ ti dé, ẹ ti sùn.

Moyọ̀ fẹ́ gbé ìlà àga sí ìparí. Mo ní rárá o: bí àléébù bá gbẹ̀yìn, ẹjọ́ ló dà. Ó tún fẹ́ fi "Ẹ̀yin ni bàbá tó dára jù láyé" parí rẹ̀. Mo fagi lé e. Bàtà ti sọ ọ́ tán.

Lọ́jọ́ ìbí náà, mo jókòó lójú fèrèsé, mò ń wo tram tó ń kọjá. Ta ni ì bá pè mí síbẹ̀? Ilẹ̀ ti ń ṣú kí Moyọ̀ tó fóònù. Ó ní bàbá òun kò dìde. Bàbá ní kí òun tún ìlà àga yẹn kà. Ó gbọ́ ọ tán, ó ní òótọ́ ni.

Bàbá rẹ̀ wá rẹ́rìn-ín, ó ní: "Ọwọ́ Olùkọ́ wà níbẹ̀. Òun ló máa ń tọ́ka sí àṣìṣe kó tó fún èèyàn ní máàkì." Lẹ́yìn náà, ó rọra béèrè lọ́wọ́ Moyọ̀ bóyá mo ti jẹun.

Mi ò tíì jẹun. Mo dìde, mo dáná.

Ẹ̀yin ènìyàn mi, ẹni tí ẹ bá fẹ́ yìn, ẹ jẹ́ kó rí ara rẹ̀ nínú ọ̀rọ̀ yín. Òótọ́ náà máa ń yẹ́ èèyàn sí. Kí ni bàbá tiyín ṣe tí kò sẹ́ni tó yìn ín fún un? Ẹ kọ ọ́ sísàlẹ̀ níbí. Màá kà á, mi ò sì ní mú bírò pupa.