Fídíò Ìsìnkú Tí Ìyá Amos Kò Gbọdọ̀ Rí

Ìyá Amos kò mọ̀wé, ṣùgbọ́n ó mọ ibi tí Jesse ọmọ rẹ̀ wà nínú fóònù. Àwòrán kékeré kan ni, tí ojú Jesse wà nínú rẹ̀. Jesse fúnra rẹ̀ ló ṣe é síbẹ̀ fún un. Tí ìyá bá ti tẹ̀ ẹ́, gbogbo fídíò tí ọmọ náà ti gbé sórí Yútúùbù á tò kalẹ̀, tuntun lókè, ti àtijọ́ nísàlẹ̀. Bí ọjà bá kú létí títì Fìdítì, tí mọ́tò tó ń lọ Ìbàdàn ò dúró ra ọsàn, ìyá á tẹ̀ ẹ́.

"Hàwáù, wá wo ọmọ mi. Ó tún ti lọ ya àwọn tó ń yan gàrí ní Ìmìní."

Hàwáù, tó ń ta ọsàn lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, á na ọrùn. "Ṣé kò ní wá ya èmi náà ni? Kí n di gbajúmọ̀."

"Ìwọ ọlọ́sàn kíkan? Ṣé kí fóònù wa bàjẹ́ ni?"

Wọ́n á rẹ́rìn-ín. Bẹ́ẹ̀ ni ilẹ̀ ṣe ń ṣú bá wọn.

Iṣẹ́ tí Jesse kọ́ ni títún ọ̀kadà ṣe. Kò kàwé jìnnà. Fídíò yíyà kàn jẹ́ ohun tó fẹ́ràn ni. Amos ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ní tirẹ̀ ń gun ọ̀kadà, ó ń kó gàrí láti Akínmọ̀rin wá sí ìlú. Bí ọ̀kadà Amos bá ti tutọ́ èéfín, ọwọ́ Jesse ló ń bọ̀.

Lọ́jọ́ kan, ọwọ́ Jesse kò tó o mọ́. Tírélà gbá Amos lójú ọ̀nà, ó sì kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù.

Igi ọsàn kan wà lóko bàbá wọn lọ́nà Akínmọ̀rin. Ọdún 1989 tí wọ́n bí Amos, nígbà tí ilé wọn ṣì wà lóko, ni ìyá gbìn ín síbi tí wọ́n ri olóbi ọmọ náà mọ́. Ọsàn Amos ni gbogbo ilé ń pè é. Lára ọsàn tí ìyá ń tà, èyí tó dùn jù, ibẹ̀ ni wọ́n ti ń ká a.

Bàbá Ògúnwálé, àbúrò olóògbé bàbá wọn, ló sọ̀rọ̀. "Ẹ gbé e lọ sídìí ọsàn rẹ̀. Ṣùgbọ́n ìyá kì í rí sàréè ọmọ. Kò gbọdọ̀ fojú kàn án. Kò gbọdọ̀ mọ ibẹ̀ pàápàá. Jesse, ìwọ ni wàá máa ká ọsàn wá fún un láti òní lọ. Ṣé o gbọ́?"

"Mo gbọ́, bàbá."

Wọ́n mú ìyá lọ sí Ìwàrẹ, sọ́dọ̀ Àsíátù àbúrò rẹ̀. Ẹ̀yìn rẹ̀ ni wọ́n sin ọmọ. Nígbà tó padà dé, kò bèèrè ibi tí wọ́n sin ín sí. Òun náà mọ èèwọ̀.

Ọlámidé, àbúrò Amos obìnrin tó tẹ̀ lé e, wà ní Lọ́ńdọ̀nù. Kò ríbi wá. Orí fóònù ló ti ń ké. "Jesse, yà á fún mi. Jẹ́ n rí ẹ̀gbọ́n mi fún ìgbà ìkẹyìn."

Jesse yà á. Omijé ń bọ́ lójú rẹ̀ nígbà tó yí fóònù síra rẹ̀ níparí. Fídíò náà gùn ju ohun tí Wọ́sáàpù lè gbà lọ, ló bá gbé e sórí Yútúùbù. Fóònù bi í léèrè: ta ni kó rí i? Mẹ́ta ló tò síwájú rẹ̀. Pọ́blíìkì ni ti gbogbo ayé: ẹni tó bá wá a á rí i, á sì jókòó sáàárín àwọn fídíò rẹ̀ yòókù. Práfẹ́ẹ̀tì ni ti àwọn tí òun fúnra rẹ̀ bá fi ímeèlì wọn pè nìkan. Ọnlísítẹ́ẹ̀dì wà láàárín: kò ní hàn lójúewé rẹ̀, ẹni tó bá wá a kò ní rí i, àfi ẹni tí líǹkì rẹ̀ bá wà lọ́wọ́ rẹ̀. Àwọn àgbà ilé náà fẹ́ wò ó, ṣùgbọ́n wọn kò mọ ohun tí ń jẹ́ ímeèlì. Jesse tẹ Ọnlísítẹ́ẹ̀dì. Ó fi líǹkì ránṣẹ́ sí àwọn àgbà àti Ọlámidé.

"Sistá, ẹ má fún ẹnikẹ́ni o. Torí Màmá."

"Mo gbọ́."

Ọ̀sẹ̀ yẹn kò tíì parí tí ọkùnrin kan fi gun ọ̀kadà wá láti Ìlọra, pé kí Jesse bá òun wo búrékì. Ó tẹjú mọ́ Jesse. "Ìwọ kọ́ lò ń sunkún nínú fídíò yẹn? Pẹ̀lẹ́ o. Igi ọsàn yẹn mà rẹwà."

Sípánà bọ́ lọ́wọ́ Jesse. Ó pe Lọ́ńdọ̀nù.

"Ọ̀rẹ́ mi kan ṣoṣo ni mo fún, Jesse. A jọ ń lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni."

Ọ̀rẹ́ náà ti fún àbúrò rẹ̀ ní Ìlọra. Ìgbà yẹn ló yé Jesse. Kọ́kọ́rọ́ ni líǹkì. Ẹni tó bá mú un lọ́wọ́, ilẹ̀kùn á ṣí fún un, kò ní bi í pé, ta ni ọ́?

Ó pinnu láti yí i sí Práfẹ́ẹ̀tì, kí líǹkì náà kú lọ́wọ́ gbogbo wọn. Kó tó ṣe é, Olúṣínà, alága àwọn ọlọ́kadà, wọlé tòun ti ìbínú.

"Jesse, kí la ṣe fún yín? Wọ́n ń bú wa ní gáréèjì. Wọ́n ní ẹ sin Amos ní kọ̀rọ̀ bí ẹni sin olè. A wá ojúewé rẹ títí, a ò rí nǹkan kan. Fídíò gàrí wà níbẹ̀, ti ẹ̀gbọ́n rẹ ò sí!"

"Alága, torí Màmá ni."

"Màmá tí kò mọ̀wé? Ṣé Màmá ló máa jókòó tẹ A, B, D? Amos ò jalè. Jẹ́ kí ayé rí i pé a sin ín dáadáa."

Ọ̀rọ̀ olè yẹn ló gún Jesse. Líǹkì kúkú ti ń rìn kiri, ó ní lọ́kàn ara rẹ̀. Màmá kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń wá nǹkan. Ó tẹ Pọ́blíìkì.

Kò rántí pé ìyá kì í wá nǹkan. Ìyá kàn ń tẹ ojú ọmọ rẹ̀ ni.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì, Hàwáù sáré bá a ní ṣọ́ọ̀bù. Ó kàn di ọwọ́ rẹ̀ mú, ó ń fà á.

Ìyá jókòó ti igbá ọsàn. Fóònù wà lórí itan rẹ̀. Kò sunkún.

"Jesse. Ìdí ọsàn Amos ni."

Jesse kúnlẹ̀. Ó gba fóònù, ó ń fi orúkọ tirẹ̀ wọ Yútúùbù, àṣìtẹ̀ ló ń tẹ̀. Ó yí i sí Práfẹ́ẹ̀tì níkẹyìn. Nígbà tí ìyá tún tẹ ojú Jesse, àwọn tó ń yan gàrí ló wà lókè.

"Mo ti yọ ọ́, Màmá. Ẹnikẹ́ni ò lè rí i mọ́."

"O yọ ọ́ níbo?" ni ìyá wí. "Ojú mi ni kó o yọ ọ́ kúrò."

Mọ́tò kan dúró, onímọ́tò ní kí wọ́n kó ọsàn fún òun. Ìyá nawọ́ sí igbá, ó dá ọwọ́ padà. Hàwáù ló tà fún un nínú tirẹ̀.

Láti ìgbà náà, ọsàn ọlọ́sàn ni ìyá ń rà tà. Kò gba ọ̀nà Akínmọ̀rin mọ́. Àwòrán Jesse ṣì wà nínú fóònù rẹ̀, kò tẹ̀ ẹ́ mọ́, Jesse náà kò sì ya nǹkan kan.

Lọ́jọ́ kan nígbà ọ̀gbẹlẹ̀, bí wọ́n ti ń jẹun, ìyá dáwọ́ dúró.

"Ọsàn yẹn ti pọ́n?"

"Ó ti pọ́n, Màmá. Ó ti ń já bọ́."

Ìyá ti abọ́ rẹ̀ sẹ́yìn.

"Má ká a," ló wí. "Jẹ́ kó máa já bọ́ sí i lára."