Dìran fo orí ọ̀gá rẹ̀ kọ̀wé gba lífù

Ẹni tó bá mọ Dìran Ògúntìmẹ́hìn dáadáa kì í dárúkọ rẹ̀ kó má yínmú. Ọmọ Papalanto ni, sitọ́kípà ni nílé iṣẹ́ ìjọba kan l'Abẹ́òkúta, níbi tí èmi náà ti ń tẹ̀wé lọ́dún 1982. Nínú sítọ̀ tó wà níkàáwọ́ rẹ̀ ni wọ́n ń kó irúgbìn àgbàdo àti ajílẹ̀ sí, èyí tí ìjọba ń pín fún àwọn àgbẹ̀ bí òjò àkọ́rọ̀ bá ti ń sún mọ́lé. Kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ yìí kì í kúrò lápò ṣòkòtò rẹ̀. Bó bá ń kọjá lọ, yóò máa mì ín, bí ẹni pé òun ló ni gbogbo àgbàdo ilẹ̀ Ẹ̀gbá.

Ohun tó ń dùn ún jù láyé ni pé obìnrin ni ọ̀gá rẹ̀. Àlàájà Bùsírátù Sàlàhúdíìnì ni olórí ẹ̀ka wa, ọmọ ìdílé oníṣòwò aṣọ kan n'Igbein. Kò tíì pé ogójì ọdún, Dìran sì ti ń sún mọ́ àádọ́ta. "Ọmọ aláṣọ" ló ń pè é lẹ́yìn. Bó bá dúró níwájú rẹ̀, á tẹríba, á ní, "Ẹ kú iṣẹ́ o, Àlàájà." Bí Àlàájà bá sì ti yíjú, á pòṣé. Irú ọkùnrin tó jẹ́ nìyẹn.

Lóṣù kẹta ọdún náà, ẹgbẹ́ àwọn ọmọ Papalanto fẹ́ fi Dìran ṣe alága. Ó wá fẹ́ gba lífù ọ̀sẹ̀ méjì kó lè lọ múra sílẹ̀. Kò sí ohun tó burú níbẹ̀; lífù ọdún rẹ̀ wà nílẹ̀, ẹ̀tọ́ rẹ̀ sì ni. Òṣìṣẹ́ ìjọba wo ni kò sì mọ bí wọ́n ṣe ń béèrè rẹ̀? Akọ̀wé Àgbà, ọ̀gá gbogbo òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ wa, lèèyàn ń kọ ìwé náà sí, nítorí orúkọ rẹ̀ ni àṣẹ ń gbà jáde. Ṣùgbọ́n èèyàn kì í gbé e lọ bá a. Lábẹ́ orúkọ rẹ̀ lókè ìwé, wàá kọ ọ́ pé ó gba ọwọ́ olórí ẹ̀ka rẹ kọjá, kó tó gba ọwọ́ ọ̀gá tó wà lókè olórí ẹ̀ka. Olórí ẹ̀ka ló máa sọ bóyá iṣẹ́ gbà kó o lọ lásìkò yẹn, òun náà ló sì máa yan ẹni tí yóò di ipò rẹ mú. Ọ̀gá òkè á fi ọ̀rọ̀ tirẹ̀ kún un. Lẹ́yìn náà ló máa dé ọ̀dọ̀ àwọn tó ń rí sí ọ̀rọ̀ òṣìṣẹ́. Wọ́n á fa fáìlì rẹ yọ, wọ́n á wo iye ọjọ́ tó ṣẹ́ kù fún ọ, kí ìwé tó gòkè lọ gba àṣẹ. Ọ̀nà tó gbà gòkè náà ni ìdáhùn máa gbà sọ̀ kalẹ̀. Bí ìwé àṣẹ kò bá sì tíì tẹ̀ ọ́ lọ́wọ́, o kò gbọdọ̀ kúrò lẹ́nu iṣẹ́.

Dìran gbé tirẹ̀ wá kí n bá a tẹ̀ ẹ́. Mo wò ó, orúkọ Akọ̀wé Àgbà nìkan ló wà lókè.

"Ẹ̀gbọ́n," mo ní, "ẹ ò kọ ọ́ pé ó gba ọwọ́ Àlàájà kọjá."

"Ta ló ń jẹ́ bẹ́ẹ̀?" Ó fọwọ́ gbá tábìlì mi. "Kí n tó lọ sílé bàbá mi, kí n kọ́kọ́ tọrọ àyè lọ́wọ́ ọmọ aláṣọ? Akọ̀wé Àgbà mọ̀ mí. Ó bọ̀ mí lọ́wọ́ lọ́jọ́ tó wá yẹ sítọ̀ wò. Ìwọ ṣáà tẹ ohun tí mo kọ."

Mo tẹ ohun tó kọ. Òun fúnra rẹ̀ gbé e lọ sí ọ́fíìsì Akọ̀wé Àgbà, ó fi í sílẹ̀ lọ́dọ̀ sẹ́kítírì, ó sì ń yan bọ̀. Títí di ọjọ́ Jímọ̀, kò gbọ́ nǹkan kan. Ó ní ẹni tó dákẹ́ ti gbà nìyẹn. Nígbà tó di ọjọ́ Ajé, Dìran ti wà ní Papalanto, kọ́kọ́rọ́ sítọ̀ sì wà lápò rẹ̀.

Akọ̀wé Àgbà kò rántí ọwọ́ tó bọ̀. Ó fi bírò kọ ọ́ sára ìwé náà pé kí ó gba ọ̀nà tó yẹ, ó sì taari rẹ̀ sí ọ̀gá òkè wa, Ọ̀gbẹ́ni Theophilus Adétáyọ̀. Ọ̀gbẹ́ni Adétáyọ̀ kọ tirẹ̀ sábẹ́ rẹ̀, ó ní kí Àlàájà sọ ohun tó rí sí i. Bí Àlàájà ṣe kà á tán, ó ní kí wọ́n pe Dìran wá. Àga òfìfo ni wọ́n bá.

"Ṣé ó ti lọ ni?" Àlàájà bi mí.

"Ó ti lọ, mà."

"Kọ́kọ́rọ́ ńkọ́?"

"Ó wà lápò rẹ̀, mà."

Lọ́jọ́ kejì ni òjò àkọ́kọ́ rọ̀. Kí oòrùn tó gòkè, àwọn àgbẹ̀ Wásinmi ti kún iwájú sítọ̀, ọkọ̀ akẹ́rù tí wọ́n háyà sì ń dúró dè wọ́n. Bàbá Ṣàngówùmí ló ṣíwájú wọn, arúgbó tí ẹrẹ̀ oko ṣì wà lẹ́sẹ̀ rẹ̀. Àlàájà kúnlẹ̀ kí i, ó sì ṣàlàyé fún un.

"Ọmọ mi," ni bàbá wí, "ṣé ẹnì kan ló ti ilẹ̀kùn mọ́ ohun tí a fẹ́ gbìn, tó wá lọ síbi ayẹyẹ?"

"Ẹ má bínú, bàbá."

"Ìwọ kọ́ ni mò ń bínú sí. Ṣùgbọ́n ẹ sọ fún un pé òjò kì í gba lífù."

A rán dẹrẹ́bà sí Papalanto. Dìran ní òun wà lórí lífù, kí wọ́n má fi iṣẹ́ dí òun lọ́wọ́. Kò fún un ní kọ́kọ́rọ́. Ọ̀gbẹ́ni Adétáyọ̀ wá fọwọ́ sí ìwé pé kí wọ́n já àgádágodo náà lójú ẹlẹ́rìí, kí wọ́n sì ka gbogbo ohun tó wà nínú sítọ̀ kí wọ́n tó fún ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan. Ìyẹn gbà wá lákòókò. Àwọn mìíràn nínú àwọn àgbẹ̀ náà ti bá ọkọ̀ padà lọ́wọ́ òfìfo kí a tó parí.

Dìran padà dé pẹ̀lú fìlà tuntun lórí. Kúẹ̀rì ló bá lórí tábìlì rẹ̀: kí ó ṣàlàyé ìdí tó fi kúrò lẹ́nu iṣẹ́ láìgbàṣẹ. Ẹ kò ní gbà gbọ́: Akọ̀wé Àgbà ló tún kọ ìdáhùn sí tààrà! Wọ́n dá a padà fún un. Lẹ́ẹ̀kejì ló tó wá kọ ọ́ pé ó gba ọwọ́ Àlàájà kọjá, ó sì kọ ọ̀rọ̀ náà kéékèèké sí ìsàlẹ̀ bí ẹni tó ń fi nǹkan pamọ́.

Mo wà níbẹ̀ nígbà tó gbé e wọlé. Àlàájà kà á.

"Ẹ̀gbọ́n Dìran, ká ní ẹ bi mí ni, ǹ bá ti yọ̀ǹda yín. Túbọ̀sún tá a jọ wà ní ẹ̀ka yìí ì bá bá yín dúró ti sítọ̀."

Dìran ń wo àjà. Kò sọ pé kí wọ́n má bínú, kò sì béèrè bí àwọn ará Wásinmi ṣe ṣe. Wọ́n gé owó ọjọ́ tí kò fi sí níbi iṣẹ́, wọ́n fún un ní ìwé ìkìlọ̀, wọ́n sì gba sítọ̀ lọ́wọ́ rẹ̀.

Ó di alága ẹgbẹ́ náà ṣá. Ní Papalanto, ó ń sọ fún wọn pé obìnrin kan ló ń ṣe ìlara òun níbi iṣẹ́, wọ́n sì ń káàánú rẹ̀.