Ibi Tí Aláàrò àti Oníṣọ́ọ̀bù Máa Jókòó Sí

Ẹ̀gbọ́n mi obìnrin ò jẹ búrẹ́dì mọ́, èmi náà ò sì rí i jẹ, torí abẹ́ òrùlé kan náà la jọ ń gbé. Kì í ṣe pé ara wa ò yá o. Tẹ̀gbọ́n-tàbúrò tó ni ilé búrẹ́dì àdúgbò wa ló ń jà, wọ́n sì gbé ọ̀rọ̀ náà wá sí ọ́fíìsì ìlàjà tí ẹ̀gbọ́n mi ti ń ṣiṣẹ́. Ó ní bí ẹnìkan nínú wọn bá rí búrẹ́dì lọ́wọ́ wa, á ní ẹnìkejì ló fi ta wá lọ́rẹ. Mo ní ṣebí owó wa la fi ń rà á. Ó ní ta ló máa bá òun ṣàlàyé ìyẹn láti ojúlé dé ojúlé? Inú bí mi, torí mo mọ̀ pé òótọ́ ló sọ.

Ọgbọọgba làwọn èèyàn ń pe ẹ̀gbọ́n mi. Télọ̀ lèmi, iṣẹ́ ká wọn nǹkan ni mò ń ṣe jẹun, síbẹ̀ mi ò tíì rí ẹni tó ń wọn ọ̀rọ̀ ẹnu rẹ̀ bíi tirẹ̀. Bó bá béèrè àlàáfíà ìyàwó ẹnìkan, dandan ni kó béèrè ti ẹnìkejì. Lọ́jọ́ kan tí òjò ń rọ̀, ọkọ̀ ilé búrẹ́dì dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ pé kó wọlé. Ó dúpẹ́, ó fẹsẹ̀ rìn, ó délé, gbogbo ara rẹ̀ tutù rinrin. Mo ń fi aṣọ nù ún lórí, mo sì ń bú u. Ó kàn ń rẹ́rìn-ín ni.

Bàbá wọn ló fi ilé búrẹ́dì náà sílẹ̀ fún wọn. Ẹ̀gbọ́n ló ń po ìyẹ̀fun, òun ló ń yan búrẹ́dì mọ́jú. Aláàrò là ń pè é. Àbúrò ló ń tà á níwájú títí ilẹ̀ fi máa ṣú. Òun ni Oníṣọ́ọ̀bù. Oníṣọ́ọ̀bù lọ ra ẹ̀rọ tuntun tó ń po ìyẹ̀fun, kò sọ fún ẹ̀gbọ́n rẹ̀. Aláàrò ní wọ́n rí òun fín, ló bá pààrọ̀ àgádágodo ilẹ̀kùn ibi ààrò. Bí àbúrò ṣe di ẹni tó ń kanlẹ̀kùn ilé bàbá rẹ̀ nìyẹn. Wọn ò kíra wọn mọ́. Oníṣọ́ọ̀bù ti wá ẹni tó máa ra ààrò náà. Ó ní bí àwọn ò bá jókòó sọ̀rọ̀ kí oṣù tó parí, kí kálukú gba ìpín tirẹ̀. Gbogbo wa la mọ̀ pé bí ààrò yẹn bá ti kúrò níbẹ̀, ẹ̀gbọ́n àti àbúrò náà ti túká nìyẹn.

Mo bi ẹ̀gbọ́n mi pé kí ló wá ṣòro nínú kó pe èèyàn méjì jókòó. Ó ní ibẹ̀ gan-an lọ̀pọ̀ ìlàjà ti ń bàjẹ́. Ẹni tí wọ́n bá pè wá sí ìloro ẹni tó ń bá jà á rò pé wọ́n ti dá òun lẹ́bi kí òun tó jókòó. Bí èèyàn bá sì bi ẹnìkan pé ibo ló fẹ́, ẹnìkejì á ní tirẹ̀ ni wọ́n ṣe. Torí náà, kì í béèrè ohun tí ẹnikẹ́ni fẹ́. Ó gba ohùn ara rẹ̀ sílẹ̀ lórí fóònù, ó fi ohùn kan ṣoṣo náà ránṣẹ́ sáwọn méjèèjì pa pọ̀. Ibi mẹ́ta ló dá lábàá: yàrá òkè ní ọ́fíìsì wọn, lọ́sàn-án, gbọ̀ngàn ẹgbẹ́ àwa télọ̀, láàárọ̀, kíláàsì kan nílé ìwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀, nírọ̀lẹ́, lẹ́yìn táwọn ọmọ bá ti lọ.

Ó wá fi kún un pé, "Ẹ má sọ èyí tó wù yín. Èyí tí kò ní ṣeé ṣe nìkan ni kẹ́ ẹ sọ, àti ìdí rẹ̀. Ọ̀dọ̀ mi ló máa wà."

Wọ́n fèsì. Ẹnìkan yọ yàrá òkè, ẹnìkejì yọ gbọ̀ngàn àárọ̀. Ó ku ilé ìwé. Ó fi iyẹn náà ránṣẹ́ sáwọn méjèèjì bákan náà, mo sì ní ó tán, èmi ti ń ronú búrẹ́dì.

Kò tán o. Abẹ́ ọ́fíìsì wọn ni ṣọ́ọ̀bù ìránṣọ mi wà, ibẹ̀ ni mo wà tí mo fi gbóhùn Aláàrò lókè. Ṣé ẹ̀gbọ́n mi ò mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ìyàwó àbúrò òun lọ sílé ìwé yẹn, pé ibẹ̀ ló ti ń kọ́ àwọn ọmọ? Ọgbọọgba ò mọ̀. Ó ti bá ọ̀gá ilé ìwé sọ̀rọ̀ lórí kọ́kọ́rọ́, ó ti béèrè iye àga, kò béèrè ẹni tó ń kọ́ ọmọ níbẹ̀.

Aláàrò ní, "Òun ló mú ibẹ̀, ẹ̀yin náà sì tẹ̀ lé e. Ọgbọọgba wo nìyẹn?"

Gbólóhùn kan ṣoṣo nípa ohun tí kálukú yọ ló máa kó ẹ̀gbọ́n mi yọ. Kò sọ ọ́. Ó ní àìmọ̀ òun ni, ó tọrọ àforíjì, ó sì pe Oníṣọ́ọ̀bù lórí fóònù lójú rẹ̀ níbẹ̀, ó sọ ọ̀rọ̀ kan náà fóun náà. Síbẹ̀ Aláàrò bínú sọ̀ kalẹ̀. Nírọ̀lẹ́, ẹ̀gbọ́n mi ti oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. Mo ní ṣé àbúrò yẹn ló mú ibẹ̀ lóòótọ́? Mo tún ní bí kì í bá ṣe òun, kó sọ fún ọkùnrin náà jàre, kó lè sùn.

Ó ní, "Ẹnu tí mo fi ṣèlérí náà ni mo fi ń jẹun."

Àmọ́ ó ronú sí i. Nígbà tó yá, ó bi kálukú bóyá òun lè sọ ìdí tó fi yọ ohun tó yọ fún ẹnìkejì. Bí ẹnìkan bá kọ̀, òun ò ní sọ ti ẹnikẹ́ni. Oníṣọ́ọ̀bù gbà. Aláàrò fi falẹ̀ títí oṣù fi ń lọ sópin. Lẹ́yìn-ọ̀-rẹyìn, òun náà ní kò burú.

Ohun tí ẹ̀gbọ́n mi fi ránṣẹ́ sí wọn, àwọn fúnra wọn ló ń ròyìn rẹ̀ fáwọn oníbàárà báyìí. Ẹnu wọn ni mo ti gbọ́ ọ. Aláàrò ló yọ yàrá òkè. Ó ní láti ìgbà tí àpò ìyẹ̀fun ti ya lu àbúrò òun lórúnkún, àtẹ̀gùn ń ni ín lára. Oníṣọ́ọ̀bù ló yọ àárọ̀. Ó ní ẹ̀gbọ́n òun ò ní tíì sùn nígbà yẹn, á gba ohunkóhun kó ṣáà lè rí ibi forí lé, òun ò sì fẹ́ fi oorun borí ẹ̀gbọ́n òun.

Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á wá ibòmíì. Aláàrò fèsì pé kó jẹ́ ilé ìwé náà. Oníṣọ́ọ̀bù ní ìyàwó òun á tètè máa lọ sílé lọ́jọ́ náà.

Nígbà tí ọjọ́ náà pé, mo bá ẹ̀gbọ́n mi lọ to àga nílé ìwé. Téèpù mi ló gbà tó fi wọ̀n ọ́n: láti àga kọ̀ọ̀kan dé tábìlì, láti àga kọ̀ọ̀kan dé ẹnu ọ̀nà. Kò yẹ̀ síbì kan. Aláàrò ló kọ́kọ́ dé. Ó kí wa, ó wo àga méjèèjì, ó wo bí abẹ́ tábìlì ṣe há. Ó wá fa àga àbúrò rẹ̀ sẹ́yìn, ó yí i sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó lọ gbé àpótí kékeré kan wá láti kọ̀rọ̀, ó sì gbé e síwájú rẹ̀ fún ẹsẹ̀. Gbogbo ohun tá a wọ̀n dà rú. Mo na ọwọ́ láti tún un ṣe, ẹ̀gbọ́n mi dì mí lọ́wọ́ mú.

Ó ní, "Fi sílẹ̀."

Mo ká téèpù mi. Bí mo ṣe ń jáde ni Oníṣọ́ọ̀bù ń wọlé, ó ń tiro. Ó rí àpótí náà, ó wo ẹ̀gbọ́n mi, ẹ̀gbọ́n mi sì mi orí pé òun kọ́. Ó wá wo ẹ̀gbọ́n tirẹ̀.

Ó ní, "Bọ̀dá mi, ẹ kúùrọ̀lẹ́."