Kọ̀ǹpútà Tí Mo Pa, Tí Mo Sì Kọ Ọ̀mì

Ìwé kẹrin ni mo dé kí èmi àti ilé-ìwé tó pínyà. Àwọn ará ilé wa máa ń sọ pé èmi ni mo sá. Irọ́ ni. Tíṣà ló sá fún mi. Ìbéèrè mi pọ̀ jù fún un, ó wọ mọ́tò lọ sí Kútọnu ní àárọ̀ ọjọ́ kan, a ò sì fojú kàn án mọ́. Láti ìgbà náà ni mo ti ń fi ọgbọ́n orí mi jẹun. Ọgbọ̀n ọdún ni mo fi kan àpótí sípíkà ní Ọjà Àlàbá. Ìgbà kan wà tí wọ́n tan ọ̀kan nínú àwọn tí mo kàn, adìyẹ kan ní Ìbà sì yé ẹyin kí ọjọ́ rẹ̀ tó pé. Ẹni tí kò bá gbà mí gbọ́, kó lọ bi adìyẹ náà.

Nítorí náà, nígbà tí ọmọ ọmọ mi obìnrin, tó ń gbé lọ́dọ̀ mi ní Okokomaiko, gbé láptọ́ọ̀pù rẹ̀ ka iwájú mi, ẹ̀rù ò bà mí rárá. Kọ̀ǹpútà ló ń kọ́ ní ilé-ìwé gíga kan lápá Ọ̀jọ́.

Ó ní, "Bàbá àgbà, ẹ jọ̀ọ́, mo fẹ́ kí ẹ bá mi ta ayò pẹ̀lú kọ̀ǹpútà yìí."

"Ihò ayò dà níbẹ̀?"

"Kì í ṣe ayò ọlọ́pọ́n. X àti O ni."

Mo mọ X àti O. Ta ni kò mọ̀ ọ́n? Orí iyẹ̀pẹ̀ la ti máa ń ta á. Ojú mẹ́sàn-án ni, mẹ́ta ní ìlà mẹ́ta. O kọ X, mo kọ O, ẹni tí tirẹ̀ bá kọ́kọ́ tò ní mẹ́ta lórí ìlà kan, ìbáà dúró, ìbáà dùbúlẹ̀, ìbáà dábùú, òun ló pa ẹnì kejì. Tí ojú mẹ́sẹ̀ẹ̀sán bá kún tí ẹnikẹ́ni kò pa ẹnikẹ́ni, ọ̀mì ni.

Ọ̀rọ̀ tó wà nílẹ̀ kì í ṣe eré. Iṣẹ́ tí lẹ́kíṣọ́rà wọn fún wọn ni. Akẹ́kọ̀ọ́ kọ̀ọ̀kan ni yóò kọ kóòdù tí kọ̀ǹpútà yóò fi máa bá èèyàn ta á. Lẹ́kíṣọ́rà fúnra rẹ̀ ni yóò jókòó bá kọ̀ọ̀kan ta á lọ́jọ́ Mọ́ńdè. Bí ó bá fi lè pa kọ̀ǹpútà ọmọ kan, ìbáà ṣe ẹ̀ẹ̀kan péré, ọmọ náà já, ó fìdí rẹmi nìyẹn. Bẹ́ẹ̀ ọmọ mi yìí ti já nínú ẹ̀kọ́ kan náà lọ́dún tó kọjá. Bí ó bá tún já, yóò fi ọdún kan kún un. Ìyá rẹ̀ tó ń ta fáànù ní Àlàbá sì ti bura pé ọdún kan kún un kò sí o, ẹ̀yìn káńtà ṣọ́ọ̀bù ló kù.

Lẹ́kíṣọ́rà tún ní kí wọ́n mú ìwé àyẹ̀wò kan wá. Ẹlòmíì tí kò mọ nǹkan kan nípa kóòdù ni yóò ta á ní ogún ìgbà, yóò sì fọwọ́ ara rẹ̀ kọ bí ọ̀kọ̀ọ̀kan ṣe rí.

"Nínú gbogbo ayé, ìwọ rí i pé èmi ni mi ò mọ nǹkan kan?"

"Bàbá, ẹ̀yin lẹ ò níṣẹ́ lọ́wọ́."

Òótọ́ lẹ́nu ọmọ, ó máa ń dunni. Mo gba ìwé, mo gba bírò.

Ó ṣàlàyé bí kọ̀ǹpútà náà ṣe ń ronú. Èmi ni n óò máa kọ́kọ́ ta. Tó bá kan kọ̀ǹpútà, yóò wò ó bóyá ibì kan wà tí òun lè fi pa mí lójú ẹsẹ̀. Tí kò bá sí, yóò wò ó bóyá èmi ti fẹ́ pa òun, yóò dí ọ̀nà náà. Tí kò bá sí èyí náà, yóò gba àárín. Tí àárín bá ti ní ẹni tó gbà á, yóò gba igun, láti òkè wá sísàlẹ̀. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń kẹ́yìn. Ó fi nọ́ńbà sára ojú kọ̀ọ̀kan: oókan dé ẹẹ́ta lókè, ẹẹ́rin dé ẹẹ́fà láàárín, eéje dé ẹẹ́sàn-án nísàlẹ̀. Nọ́ńbà ni mo kàn ń tẹ̀.

Ìgbà mẹ́wàá àkọ́kọ́, ọ̀mì, ọ̀mì, ó pa mí, ọ̀mì. Inú ń bí mi. Ẹ̀rọ tí kò jẹun! Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kọkànlá, mo fi X sí oókan lókè. Ó gba àárín. Mo fi òmíràn sí ẹẹ́sàn-án, igun tó kọjú sí i gan-an. Kò rí nǹkan kan dí, ó sáré lọ gba ẹẹ́ta. Ìgbà náà ló wá dà bí ẹni pé ó fẹ́ pa mí láti ẹẹ́ta dé eéje. Mo dí i ní eéje. Mo wo ojú ẹ̀rọ náà, ẹ̀rín sì pa mí. Igun mẹ́ta ti di tèmi! Mo lè parí rẹ̀ ní ẹẹ́rin, mo lè parí rẹ̀ ní ẹẹ́jọ. Ọwọ́ kan ló ní, ọ̀nà méjì ló fẹ́ dí. Ó dí ẹẹ́rin. Mo tẹ ẹẹ́jọ. Ó kọ ọ́ sójú ara rẹ̀ ní gbangba pé mo ti borí.

Ọmọ náà wà lẹ́yìnkùlé, ó ń fọ aṣọ. Ó pariwo, "Bàbá, báwo ló ṣe ń lọ?"

Níbí ni èṣù ìkà inú mi ti jí. Ọ̀rẹ́ mi kan wà tó ń tún rédíò ṣe ní ìsọ̀ kan lẹ́gbẹ̀ẹ́ ọ̀nà Ìyànà Ìbà. Láti bí ọdún mẹ́wàá ló ti ń bú mi pé mi ò mọ fóònù tẹ̀. Mo wá rò ó pé, bí mo bá sọ àṣírí yìí jáde, ọmọ yìí á tún un ṣe, kí ni n óò wá fi dójú ti ọkùnrin yẹn? Ọ̀ta ayò wo ló ń fi ọgbọ́n rẹ̀ han èèyàn kí ọjọ́ tó pé?

Mo dáhùn, "Ọ̀mì ni!" Mo sì kọ ọ̀mì.

Ìgbà mẹ́rin sí i ni mo tún pa á. Ọ̀mì ni mo kọ sí gbogbo rẹ̀, pẹ̀lú ọwọ́ ìwé tó dára ju ti adájọ́ lọ. Ó wo ìwé náà, inú rẹ̀ dùn, ó sì ṣèlérí pé òun á ra súyà fún mi.

Lọ́jọ́ Sátidé, iná kò sí ládùúgbò. Ọmọ náà gbé láptọ́ọ̀pù lọ sí ìsọ̀ ọ̀rẹ́ mi yìí láti gba iná, nítorí ó ní jẹnẹrétọ̀. Mo tẹ̀ lé e bí ẹni tó fẹ́ na ẹsẹ̀.

Ọ̀rẹ́ mi rí mi. "Ẹ káàbọ̀, ọ̀jọ̀gbọ́n tó ń gbé fóònù sétí lódìkejì."

Mo ní, "Máa yọ̀ lọ. Kọ̀ǹpútà tó wà níwájú rẹ yẹn, mo lè pa á."

"Ìwọ wo? Bí o bá pa á, màá dọ̀bálẹ̀ fún ọ nínú wáyà yìí, pẹ̀lú fìlà."

Ọmọ mi rẹ́rìn-ín. "Bàbá, ẹ fi wọ́n sílẹ̀, ẹ̀yin náà mọ̀ pé kò ṣeé pa. Ogún ìgbà lẹ ta á."

"Ṣí i fún mi ná."

Ó ṣí i. Oókan. Ẹẹ́sàn-án. Eéje. Ẹẹ́jọ. Kò tó ìṣẹ́jú kan. Àwọn tó ń dúró de rédíò wọn pariwo, ọ̀rẹ́ mi wo ojú ẹ̀rọ, ó wo ojú mi, ó sì dọ̀bálẹ̀ sórí wáyà àti ìṣó, fìlà ń yí lọ. Mo na ọwọ́ sókè bí ọba. Ìgbà tí mo yíjú sí ọmọ mi, kò rẹ́rìn-ín mọ́.

Ó sọ ọ́ jẹ́jẹ́. "Bàbá, ìgbà wo lẹ mọ èyí?"

Mo fẹ́ sọ pé nísinsìnyí ni. Ojú rẹ̀ kò jẹ́.

"Láti ìgbà kọkànlá."

"Ẹ sì kọ ọ̀mì."

"Mo kàn ń ṣeré ni, ìyá mi."

"Ọ̀tunla ni lẹ́kíṣọ́rà máa bá mi ta á. Bí ẹ̀yin tẹ́ ò mọ kóòdù bá mọ ọgbọ́n yìí, ṣé lẹ́kíṣọ́rà ò ní mọ̀ ọ́n ni? Ẹ fẹ́ fi ọdún mi ra ìdọ̀bálẹ̀ yìí."

Ọ̀rẹ́ mi dìde láti ilẹ̀, kò tilẹ̀ gbọn aṣọ rẹ̀ nù. "Ìwọ arúgbó yìí, ìkà ni ọ́." Ẹ̀kọ́ ńlá ni kí ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dọ̀bálẹ̀ fúnni máa fi ọ̀rọ̀ nani.

Ní Sọ́ńdè, lẹ́yìn tó ti ṣọ́ọ̀ṣì dé, ó ní kí n ta á fún òun bí mo ṣe ta á, díẹ̀díẹ̀. Ó kọ ọ́ sínú kóòdù pé bí mo bá ti mú igun méjì tó kọjú síra, kí kọ̀ǹpútà má gba igun mọ́, kó gba ẹ̀gbẹ́. Mo gbìyànjú. Ọ̀mì. Ọ̀mì òótọ́ ni lọ́tẹ̀ yìí. Ó mí kanlẹ̀.

Mo ní, "Dúró ná." Mo tẹ oókan, ó gba àárín. Dípò ẹẹ́sàn-án, mo tẹ ẹẹ́jọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́. Ó sáré gba ẹẹ́ta bí àṣà rẹ̀. Mo dí i ní eéje. Ẹẹ́rin ń pè mí, ẹẹ́sàn-án ń pè mí.

Ó gbá orí mú. "Ó tún pọ̀ tó báyìí?"

"Odi tó ní ihò mẹ́wàá, bí o bá fi amọ̀ dí ẹyọ kan, eku á kàn yí ìrìn ni."

 Ó pa gbogbo òfin yẹn rẹ́, àfi ibi tó ti ń mọ̀ pé eré ti parí. Ó wá kọ́ kọ̀ǹpútà náà láti máa ta á tán nínú ara rẹ̀ kó tó gbé ọwọ́: yóò gbé tirẹ̀, yóò gbé tèmi, yóò gbà pé èmi náà gbọ́n, yóò dé òpin gbogbo ọ̀nà tó ṣẹ́ kù, yóò wá yan èyí tí mi ò ti lè pa á. Mo ní ìyẹn á pẹ́ o. Ó ní ojú mẹ́sàn-án kéré lójú ẹ̀rọ. Mo ta á títí ọ̀sán fi rọ̀. Mo fi igun bẹ̀rẹ̀, mo fi ẹ̀gbẹ́ bẹ̀rẹ̀, mo tilẹ̀ dijú tẹ nọ́ńbà. Ọ̀mì ni, tàbí kó pa mí.

Mo ní kó fún mi ní ìwé tuntun kí n kọ èyí tó mọ́. Ó kọ̀.

"Ẹ fa ìlà sórí irọ́ márùn-ún yẹn, ẹ kọ òótọ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹ wá kọ ti òní sísàlẹ̀."

"Wọ́n á rí i pé mo purọ́."

"Ẹ̀yin lẹ pa á, Bàbá."

Ní ọ̀sán Mọ́ńdè, fóònù mi dún. Nọ́ńbà ọmọ mi ni, ṣùgbọ́n ohùn ọkùnrin ló wọlé.

"Bàbá, ẹ káàsán. Èmi ni lẹ́kíṣọ́rà ọmọ yín. Mo bá kọ̀ǹpútà rẹ̀ ta á ní ìgbà mẹ́ta, ọ̀mì ni gbogbo rẹ̀. Ìwé yìí ni mo ń wò. Ẹ̀yin lẹ kọ ọ̀mì síbi tí ẹ ti pa á?"

Irọ́ mẹ́ta tó dúró dáadáa ti wà lẹ́nu mi, ọ̀kan nínú wọn tilẹ̀ ní ibà nínú. Ṣùgbọ́n mo mọ ẹni tó dúró tì í lọ́hùn-ún.

"Èmi ni, sà. Mo fẹ́ fi yangàn fún ọ̀rẹ́ mi ni."

 Mo gbọ́ tí àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín lẹ́yìn rẹ̀.

"Gbogbo ìwé tí mo gbà lónìí ló sọ pé kọ̀ǹpútà kò kùnà rí. Mo sì ti pa mẹ́fà nínú wọn pẹ̀lú igun méjì yẹn. Ti ọmọ yín nìkan ló fi ibi tó ti kùnà hàn mí, àti bó ṣe tún un ṣe. Ó ti yege."

Mo dìde dúró láìmọ̀, mo sì bi í bóyá wọ́n á fún ẹni tó pa á lẹ́ẹ̀marùn-ún ní ìwé ẹ̀rí tirẹ̀ náà.

Ó ti pa fóònù.