Ọwọ́ Kẹ́ẹ̀gì Tí Fàsílátù Tún Ṣe

Lọ́dún 1997, Fàsílátù ń fi kọ̀ǹpútà ya kẹ́ẹ̀gì fún oníbàárà kan ní Fọlá Àgòrò. Kọ̀ǹpútà kọ̀ láti sọ etí òkè kẹ́ẹ̀gì, tó mú ṣóńṣó, di roboto bí oníbàárà ṣe fẹ́, nítorí àyè tó wà láàárín etí náà àti ìdí ọwọ́ rẹ̀ kò gba roboto tó fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Fàsílátù yọ ọwọ́ náà nínú àwòrán, ó kọ́kọ́ sọ etí di roboto, ó wá so ọwọ́ padà síbi tó jìnnà sí etí. Kọ̀ǹpútà gbà! Inú rẹ̀ dùn, ó sì fi han Mahmood, ọ̀rẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́.

Lọ́jọ́ kejì, ó bá Mahmood lọ́dọ̀ oníbàárà, níbi tó ti ń fi àwòrán náà hàn án.

“Èmi ni mo tún un ṣe, sà. Fàsílátù ò mọ̀ ọ́n ṣe.”

“Mahmood, lójú mi?”

Mahmood kò lè wo ojú rẹ̀. Fàsílátù kò bá a ṣiṣẹ́ mọ́ láti ọjọ́ náà.