Orúkọ Báńkì Lórí Ìwé Ọkọ̀ Alága

Nínú ẹgbẹ́ ọmọ ìlú wa ní Accra, a kì í béèrè ìwé lọ́wọ́ ara wa. Àwọn àgbà ló fi òfin yìí lélẹ̀, wọn ò sì kọ ọ́ síbì kankan, nítorí bí wọ́n bá kọ ọ́, ìyẹn náà á di ìwé. Bí ọmọ ẹgbẹ́ kan bá fẹ́ ta ilẹ̀ tàbí ọkọ̀ fún ọmọ ẹgbẹ́ mìíràn, wọ́n á jókòó sí pálọ̀ ẹni tó ń tà á, àwọn àgbà á fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́, wọ́n á gbàdúrà, ọjà ti tà nìyẹn. Ẹni tó bá ní kí òun wo ìwé ti pe olóhun lólè. Wọ́n ní àjèjì nìwé wà fún.

Èmi náà gba òfin yìí gbọ́ tẹ́lẹ̀. Ó máa ń fi mí lọ́kàn balẹ̀, nítorí ènìyàn tí ọkàn rẹ̀ kì í balẹ̀ ni mí. Ohunkóhun tí àwọn àgbà bá ti gbàdúrà sí, mo máa ń rò pé ó di ọwọ́ ẹlòmíràn láti máa ṣàníyàn lé e lórí.

Ìyá mi ló kọ́kọ́ fẹ́ ra ọkọ̀ nínú ilé wa. Ó ti ta aṣọ òkìrìkà ní ọjà Kantamanto láti ìgbà tí mo ti gbọ́njú, àmọ́ orúnkún rẹ̀ kò gba àdúrà mọ́. Ó wá yọ̀ǹda ibi ìtajà rẹ̀ fún ẹlòmíràn, ó sì ní òun á fi gbogbo owó tí òun rí níbẹ̀ ra ọkọ̀ fún ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, tó ń fi ọkọ̀ olówó kan gbé èrò kiri, tó sì ń kó owó lé e lọ́wọ́ ní ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ bí ọmọ ọ̀dọ̀. Bí owó yẹn bá ṣòfò, kò sí ìsọ̀ tí ìyá mi fẹ́ padà sí. Gbogbo wa la mọ̀ bẹ́ẹ̀. Èmi ni mi ò yéé sọ ọ́.

Alága ẹgbẹ́ wa ní ọkọ̀ funfun kan tó fẹ́ tà. Alága kì í ṣe ènìyàn kékeré. Bó bá ń rìn bọ̀ ní àdúgbò Madina, agbádá rẹ̀ á kọ́kọ́ dé, òun á wá tẹ̀ lé e. Ní ọ̀sán Àìkú kan, a jókòó sí pálọ̀ rẹ̀: ìyá mi, ẹ̀gbọ́n mi, èmi, àwọn àgbà, àti Akápò ẹgbẹ́, ọkùnrin kan tó ń ta tẹlifóònù, tí kì í jẹ́ kí ọ̀rọ̀ kọjá kó má fi ṣẹ̀fẹ̀.

Ẹnikẹ́ni ò béèrè ìwé. Alága fúnra rẹ̀ ló gbé e jáde.

Ó ní, "Kì í ṣe pé ẹ béèrè o, Àlàájà. Mo kàn fẹ́ kí ojú yín rí ohun tó dáa ni. Ẹ wo orúkọ mi. Ẹ wá wo orúkọ tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀."

Orúkọ báńkì ló wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, báńkì ńlá kan.

Àwọn àgbà mi orí. Ọ̀kan ní, "Háà!"

Alága ní, "Ṣé báńkì á fi orúkọ rere rẹ̀ sórí àgékù ọkọ̀? Báńkì dúró ti ọkọ̀ yìí."

Akápò pàtẹ́wọ́. "Ọkọ̀ tó ní báńkì ní ẹ̀gbọ́n! Bó bá kọṣẹ́ lójú ọ̀nà, ẹ má pe mẹkáníìkì o. Mánéjà ni kẹ́ ẹ pè!"

Gbogbo pálọ̀ rẹ́rìn-ín. Ìyá mi rẹ́rìn-ín. Èmi nìkan lẹ̀rù bà, mo sì fẹ́ ṣàlàyé bó ṣe rí: kì í ṣe ìbẹ̀rù ejò tàbí olè. Ó dà bí ìgbà tí o bá gbọ́ òórùn jíjó láti ilé ìdáná, tí gbogbo àlejò sì ń yin ọbẹ̀.

Lẹ́yìn yunifásítì, mo fi ọdún tí mo sin ìlú bí àgùnbánirọ̀ ṣiṣẹ́ ní ọ́fíìsì kan tí wọ́n ti ń yáni lówó. Lẹ́tà ni mo ń tò níbẹ̀, kò sóhun ńlá tí mo ṣe. Àmọ́ mo mọ ohun tí orúkọ báńkì ń wá lórí ìwé ọkọ̀ ọlọ́kọ̀. Bí báńkì bá yáni lówó ra ọkọ̀, ọkọ̀ náà gan-an ni wọ́n máa fi ṣe ìdógò. Líìn ni wọ́n ń pe ẹ̀tọ́ tí wọ́n ní lórí rẹ̀. Wọ́n á fi orúkọ ara wọn ti orúkọ tìẹ lórí ìwé, wọ́n á sì tún lọ fi í sílẹ̀ níbi ìforúkọsílẹ̀ ìdógò tó wà lábẹ́ báńkì àgbà ìjọba, kí ẹni tó bá fẹ́ mọ̀ lè mọ̀. O lè máa wa ọkọ̀ yẹn, o lè máa fọ̀ ọ́ láràárọ̀, àmọ́ o ò lè tà á láìjẹ́ pé wọ́n yọ̀ǹda. Ìdè náà kò sì sí lọ́rùn ẹni tó jẹ gbèsè. Ara ọkọ̀ ló wà. Ẹni yòówù tí o bá tà á fún, ó ń bá ọkọ̀ lọ sílé rẹ̀ ni.

Mo ní, "Bàbá, ẹ jọ̀ọ́, ṣé ẹ ti san owó báńkì tán?"

Ìyá mi já mi ní èékánná lábẹ́ ìborùn rẹ̀.

Alága wojú ìyá mi, kò wo tèmi. "Àlàájà, ọmọ yín kàwé."

Akápò ní, "Ó kà á já! Ó kà á títí ó fi kọjá ilé."

Mo ní, "Mi ò pe ẹnikẹ́ni lólè, sà. Ọkàn mi ni kò balẹ̀. Ṣé ẹ rí i, bí ọkàn mi ò bá balẹ̀, mi ò lè…"

Ẹ̀gbọ́n mi ní, "Chale, ọ̀rẹ́ mi, dákẹ́," àmọ́ mo rí i tó tún tẹjú mọ́ ìwé náà, tó sì fi fóònù ya àwòrán rẹ̀ bí ẹni tó ń ya ohun tó wù ú.

Alága ní kí a gbé owó wá lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e. Ó ní bí owó bá ti dé, kí ẹ̀gbọ́n mi máa wa ọkọ̀ lọ, ọ̀rọ̀ yíyí orúkọ padà á wáyé bó bá yá. Àwọn àgbà fọwọ́ kan kọ́kọ́rọ́. Wọ́n gbàdúrà. Mo ṣe àmín, nítorí ẹ̀rù ń bà mí láti má ṣe é.

Ní ọjọ́ Ajé, èmi àti ẹ̀gbọ́n mi wọ trotro, ọkọ̀ èrò, lọ sí ibi ìforúkọsílẹ̀ ìdógò. Ẹnikẹ́ni ló lè wá nǹkan níbẹ̀ bó bá san owó ìwádìí. A fún obìnrin tó jókòó síbẹ̀ ní nọ́ńbà ṣáásí, èyí tí wọ́n fín sára irin ọkọ̀, bó ṣe wà nínú àwòrán ìwé náà, ó sì tẹ̀ ẹ́. Ó bi wá lédè Gẹ̀ẹ́sì bóyá a ti sanwó fún ẹni tó ń ta ọkọ̀. A ní rárá. Ó ní, "Ẹ dúpẹ́." Báńkì ṣì wà lórí ọkọ̀ náà digbí, wọn ò tíì yọ ọwọ́ wọn kúrò.

A sọ fún ìyá mi. Ó lọ́ ìborùn rẹ̀, ó ní kí a lọ bá Alága níwájú ìyàwó rẹ̀. Nígbà tí a débẹ̀, ohùn ìyá mi tutù bí omi àmù.

"Bàbá, mo ṣì fẹ́ ọkọ̀ yín. Mi ò ní kẹ́ ẹ mú nǹkan mìíràn wá. Ẹ jẹ́ kí a jọ lọ sí báńkì. Ohun tó bá kù tí ẹ jẹ wọ́n, kí n san án fún wọn níbẹ̀, kí wọ́n kọ lẹ́tà pé àwọn ti tú ọkọ̀ sílẹ̀, kí wọ́n yọ orúkọ wọn. Ìyókù owó, tiyín ni."

Alága ní, "Èérún ló kù, Àlàájà. Èérún lásán."

Ìyàwó rẹ̀ ní, "Bó bá jẹ́ èérún ni, ẹ lọ gbá a."

Bí Alága ṣe lọ sí báńkì nìyẹn, pẹ̀lú agbádá, pẹ̀lú ìlẹ̀kẹ̀. Wọ́n fún un ní nọ́ńbà bíi ti gbogbo èrò, ó sì jókòó sórí bẹ́ǹṣì láàárín ọkùnrin kan tó ń sùn àti obìnrin tó gbé ọmọ dání. Ọ̀dọ́kùnrin tó dá wa lóhùn kọ́kọ́ béèrè bóyá Alága fọwọ́ sí i pé kí òun sọ̀rọ̀ gbèsè rẹ̀ lójú wa. Kí ni kó wí? Ó fọwọ́ sí i. Ọ̀dọ́kùnrin náà tẹ bébà kan jáde, ó sì yí i sí wa.

Èérún náà pọ̀ ju iye tí Alága fẹ́ ta ọkọ̀ lọ. Ó ti pẹ́ tó ti dáwọ́ sísan dúró, èlé sì ti gun orí èlé.

Ìyá mi ní, "Bí mo bá san gbogbo owó tí mo ní, ṣé ẹ máa tú ọkọ̀ sílẹ̀?" Mo ṣe ògbufọ̀.

Ọ̀dọ́kùnrin náà ní, "Rárá, mà. Bó bá ku ẹyọ kan, a ṣì wà lórí rẹ̀. Ìgbà tí ó bá tán ni a ń kọ lẹ́tà ìtúsílẹ̀, tí a ó sọ fún ibi ìforúkọsílẹ̀, tí ẹ̀yin náà á mú lẹ́tà lọ sí ọ́fíìsì ìwé ọkọ̀. Ká tó ṣe ìyẹn, bí ẹ bá rà á, tí a bá wá gbé e, ọwọ́ yín la ti máa gbé e."

Alága fi ọ̀rọ̀ pẹ̀lẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í bá a sọ̀rọ̀. "Ọ̀rẹ́ mi, ẹ ò lè kọ lẹ́tà yẹn ná, kí a wá san ìyókù ní díẹ̀díẹ̀?"

Mo gbọ́dọ̀ sọ pé ojú tì mí fún un. Ojú tì mí, inú mi sì ń dùn, méjèèjì sì ń jà nínú mi débi pé omi fẹ́ bọ́ lójú mi. Ìyá mi kò ní irú wàhálà bẹ́ẹ̀. Ó dìde, ó dúpẹ́ lọ́wọ́ ọ̀dọ́kùnrin náà, ó so ẹnu báàgì rẹ̀ pa.

Ní ìpàdé tó tẹ̀ lé e, àwọn àgbà dá ẹjọ́ wa. Wọn ò dá ti Alága. Ẹ̀ṣẹ̀ wa ni pé a mú àgbà lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì lójú àwọn ará Ghana. Wọ́n ní kí ìyá mi san páálí málítì kan fún ẹgbẹ́. Kò jiyàn. Ó ní kí wọ́n bu yìnyín sí i. Wọ́n mu málítì náà tán, Alága pẹ̀lú, ó sì mu méjì. Akápò gbé ìgò tirẹ̀ sókè, ó ní, "Àlàájà, ṣé ẹ ti bá wa wádìí nọ́ńbà ṣáásí ìgò yìí? Kí báńkì má lọ wọlé wá gbà á lẹ́nu mi o!" Wọ́n rẹ́rìn-ín títí tí àwọn kan fi ń húkọ́.

Ẹ̀gbọ́n mi kò mu nínú rẹ̀. Ó ṣì ń wa ọkọ̀ olówó rẹ̀, ó sì ń kó owó lé e lọ́wọ́. Owó ìyá mi pé. Mo ń ṣe àṣàrò lórí bóyá ìṣẹ́gun nìyẹn tàbí kì í ṣe bẹ́ẹ̀, bí mo ṣe ń kó ìgò òfìfo sínú páálí níwájú ilé ìpàdé.

Akápò tọ̀ mí wá síbẹ̀. Ó wo ẹ̀yìn, ó wo ọ̀tún, ó rẹ ohùn sílẹ̀.

"Àǹtí, ọ́fíìsì tí ẹ lọ yẹn… ibo ni trotro ti ń já èèyàn sílẹ̀?"

Mo bi í pé kí ló fẹ́ ṣe níbẹ̀.

Ó ní, "Alága ní òun á dín owó ọkọ̀ náà kù fún mi. Mo ti fún un ní díẹ̀ sílẹ̀."

Mo ṣàlàyé ọ̀nà fún un, mo ṣàlàyé líìn, mo ṣàlàyé pé nọ́ńbà ṣáásí ni kó mú lọ, pé kó má fi owó kún owó, mo tún fẹ́ ṣàlàyé bí ọ̀rọ̀ náà ṣe ń ṣe mí lọ́kàn. Ó gbé ọwọ́ sókè.

"Ó ti tó, ó ti tó. Ẹ má jẹ́ kí wọ́n gbọ́ pé mo béèrè ìwé."