Omi Tí Ìyá Mi Kì Í Dé

Lọ́dún tí òjò kọ̀ tí kò dá ní Ìrókò, ṣọ́bìrì kò kúrò lọ́wọ́ mi. Omi balùwẹ̀ wa ń dá rogún lẹ́yìnkùlé, ẹ̀fọn sì fẹ́rẹ̀ẹ́ gbé wa lọ. Mo la ojú omi títí dé etí oko ẹ̀gẹ́ kí ó lè máa ṣàn. Mo kó àwọn táyà àti agolo tó ń gba òjò dà nù, mo dé dúrọ́ọ̀mù pa. Ẹ̀yìn ń ro mí, síbẹ̀ mo ń họra.

Ìyá mi, ìyá àdúrà ni wọ́n ní ìjọ Aládùúrà. Wọ́n ní kí n ṣe sùúrù, wọ́n wá bu omi àdúrà fún mi nínú bàsíà tó wà lórí tábìlì wọn ní pálọ̀. Wọn kì í dé omi náà, kí ìbùkún lè máa sọ̀ kalẹ̀ sí i. Wọn kì í sì í dà á nù. Bó bá ti fà, wọ́n á bù kún un.

Mo gbé ife sókè. Tanwíji ń jó nínú rẹ̀.

“Mọ́mì, ẹ wò ó.”

Wọ́n wò ó títí. Wọ́n ní kí n da gbogbo rẹ̀ sórí ilẹ̀ gbígbẹ, kí n fi kànìnkànìn fọ inú bàsíà náà. Nígbà tí wọ́n pọn omi tuntun sí i, wọ́n fi nẹ́ẹ̀tì bo ojú rẹ̀, wọ́n so ó pinpin.

“Ìbùkún á ráyè wọlé,” ni wọ́n wí. “Ẹ̀fọn ni kò ní ráyè.”

Inú bí mi, àmọ́ ó ti rẹ̀ mí ju kí n máa jà lọ. Gbogbo òjò yẹn ni mo fi gbẹ́lẹ̀ lẹ́yìnkùlé. Àṣé pálọ̀ la ti ń sin ẹ̀fọn, tí à ń ṣe àmín sí i láràárọ̀.